Orí tírélà tí wọ́n tà, tí ìwé kò gbọ́

Àdánù mílíọ̀nù 5.5 ló jáde nígbà tí mo kọ títà orí tírélà kan sínú ìwé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí ọkọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Inú bí mi gan-an, torí pé ọjà náà kò burú. Mílíọ̀nù 1 péré ni àdánù yẹn ìbá jẹ́, ká ní ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn.

Ìlà kan ṣoṣo ló kọ sínú ìwé dúkìá: tírélà, mílíọ̀nù 60. Ó fún un ní ọdún 8, ó sì ṣírò rẹ̀ pé yóò tó mílíọ̀nù 12 tà nígbà tí ọdún náà bá pé. Mílíọ̀nù 48 tó kù, tí a bá pín in sí ọdún 8, ìdínkù iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6 lọ́dún. Nígbà tí ọdún 3 pé, wọ́n ta orí ní mílíọ̀nù 26, wọ́n sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kí orí mìíràn máa fà á. Wọ́n wá kọ mílíọ̀nù 26 náà mọ́ owó tí wọ́n ń rí nídìí kíkó ẹrù! Kò sí ẹni tó kan ìlà inú ìwé dúkìá, ẹ̀rọ ìṣírò owó sì ń yọ ìdínkù iye 500,000 lóṣooṣù fún oṣù 4 gbáko lórí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti ń wà.

Kíka ọkọ̀ ní ọgbà ló tú àṣírí náà. Nọ́mbà ṣásí ni kí ẹ fi kà á, ẹ má fi nọ́mbà àwo ọkọ̀ kà á, torí pé àwo a máa yí padà, ṣásí kì í yí.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dúró pẹ́ ni pípín mílíọ̀nù 60 náà. Ínfọ́ìsì kan ni, iye kan ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pín in sí méjì dọ́gbadọ́gba, èmi kò gbà, torí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń tà wọ́n. Iye tí olùtajà ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní àsìkò tí wọ́n rà á ni mo wá, mo sì rí i nínú ìwé ìdíyelé tó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó rà á: orí jẹ́ mílíọ̀nù 54, ẹ̀yìn jẹ́ 18. Àpapọ̀ wọn ju 60 lọ nítorí ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ti orí. Nítorí náà, orí gba mílíọ̀nù 45, ẹ̀yìn gba 15. Ìdínkù iye mílíọ̀nù 18 ti ọdún 3 náà pín bákan náà: 13.5 fún orí, 4.5 fún ẹ̀yìn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, torí pé ìwé wà lẹ́yìn gbogbo iye tí mo kọ.

Lẹ́yìn èyí, títà náà kò le mọ́. Mo kọ́kọ́ dá mílíọ̀nù 1.5 padà, ìyẹn ìpín ti orí nínú ohun tí ẹ̀rọ yọ lóṣù 4 náà. Mo wá ṣí àkáǹtì títà dúkìá: mo fi 45 dẹ́bíìtì rẹ̀, mo sì kírẹ́díìtì àkáǹtì ọkọ̀. Mo dẹ́bíìtì àkójọ ìdínkù iye pẹ̀lú 13.5, mo sì kírẹ́díìtì títà. Owó ti wọ báǹkì tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò fọwọ́ kan báǹkì: owó iṣẹ́ ẹrù ni mo dẹ́bíìtì pẹ̀lú 26, mo sì kírẹ́díìtì títà. Dẹ́bíìtì 5.5 ló kù níbẹ̀, mo gbé e lọ sí àdánù. IAS 16, ìlànà ìṣírò owó àgbáyé tó wà fún irú dúkìá bẹ́ẹ̀, kò gbà kí a ka èrè orí irú dúkìá báyìí mọ́ owó iṣẹ́. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ọkọ̀ ń pa owó tí kò pa.

Mílíọ̀nù 1 tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Orí tó ń fà lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bí ẹ̀yìn. Ọdún 6 ló tọ́ sí i, pẹ̀lú mílíọ̀nù 9 ní òpin. Ìdínkù rẹ̀ ìbá jẹ́ mílíọ̀nù 6 lọ́dún, iye rẹ̀ nínú ìwé ìbá sì ti dé 27 nígbà tí wọ́n tà á. Ẹ̀yìn lè lo ọdún 12. Ní báyìí, iye rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ mílíọ̀nù 10, a ṣírò pé yóò tó 3 tà ní òpin, oṣù 104 ló sì kù fún un. Nǹkan bí 67,300 ni a ó máa yọ lóṣù dípò 125,000. Iwájú nìkan ni àyípadà ọjọ́ ayé dúkìá ń wò, a kì í fi tún ìwé ọdún tó kọjá kọ. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe àtijọ́ bá pọ̀ débi tí yóò ṣi ẹni tó ń ka ìwé lọ́nà, ìwé ọdún náà gan-an ni a ó tún ṣe.

Fún orí tuntun, kìlómítà ni mo yàn láti fi ṣírò ìdínkù iye: mílíọ̀nù 36 tí a ó yọ, lórí kìlómítà 900,000, jẹ́ 40 fún kìlómítà kan. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mítà tó ń ka kìlómítà, ẹ kọ iye tí ti àtijọ́ kà dé àti èyí tí tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.