Bí mo ṣe mú èrò 2,000 jó ní Ojúde Ọba lórí fóònù kan

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n fi Unity ṣe ìran Ojúde Ọba fún eré orí fóònù: kí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa tò kọjá níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android tí owó rẹ̀ kò ga. Ẹni tó bá ti dé pápá yẹn rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ̀ pé ogún èèyàn kò lè dúró fún èrò ibẹ̀. Mo fi èèyàn 2,000 ṣe góńgó.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ kó 200 péré sínú ìran náà, olúkúlùkù pẹ̀lú Animator àti Skinned Mesh Renderer tirẹ̀, mo wá ṣí Profiler láti wo ohun tó ń jẹ àkókò. Férémù 30 ni mo fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó fún férémù kọ̀ọ̀kan ní bíi mílísẹ́kọ́ńdì 33. `Animators.Update` àti `MeshSkinning.Update` nìkan ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Èkíní ni iṣẹ́ tí CPU ń ṣe láti mọ ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan wà, èkejì ni fífa awọ ara tẹ̀lé egungun wọ̀nyẹn. Ẹrù kẹta tún wà lẹ́yìn méjèèjì: èèyàn kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìpè ìyàwòrán tirẹ̀, nítorí Skinned Mesh Renderer kì í gba GPU Instancing. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àmì sí Enable GPU Instancing lára mátíríà, wọn á wá máa retí ìyípadà. Kò ní yí padà. Mesh Renderer lásán àti àwọn ìpè bíi `Graphics.DrawMeshInstanced` ni àmì yẹn wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ kí GPU ya ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà ní láti gbé ànímẹ́ṣọ̀n kúrò lọ́wọ́ egungun pátápátá, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ṣédà, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí GPU, ti lè kà á.

Egungun ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ìṣirò yòókù dá lé iye wọn. Ara tí a gbà láti ìkànnì Mixamo ní egungun 65, 40 nínú wọn sì jẹ́ ti ìka ọwọ́. Ta ni yóò rí ìka ọwọ́ ẹni tó wà ní mítà 20 sí kámẹ́rà? Mo padà lọ yan ti aláìníìka, tó ní egungun 25. Agbádá ò sì ní gbà kí ó mọ bẹ́ẹ̀, torí apá aṣọ gbọ́dọ̀ fẹ́ lẹ́lẹ́ bí onítọ̀hún bá ń jó. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa ya àwòrán fi méjì méjì kún apá kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹyọ kan sẹ́yìn aṣọ, ó di 30. Fìlà àti gèlè ò ní egungun kankan, orí ni wọ́n so mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iye egungun tó ń fa igun kan lára àwọ̀n ara. Unity ń gba mẹ́rin bó ṣe máa ń wà. Mo dín in kù sí méjì fún àwọn tó wà láàárín, tí wọn kò sún mọ́ kámẹ́rà tí wọn kò sì jìnnà sí i, mo sì jẹ́ kó di ẹyọ kan ṣoṣo fún àwọn tó jìnnà. Ibi tí ẹyọ kan ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ ni ìgúnpá àti èjìká: awọ á ṣẹ́ dípò kí ó tẹ̀. Lára ẹni tó wọ agbádá, èjìká wà lábẹ́ aṣọ, mo sì jèrè níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹ bá yọ egungun kejì sí ìkẹrin kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ pín ìwọ̀n tó kù ní ọ̀tun kí àpapọ̀ rẹ̀ lè padà jẹ́ 1. Bí àpapọ̀ bá kù sí 0.8, igun yẹn á fà sún mọ́ ibi ìpìlẹ̀ àwọ̀n náà, tó jẹ́ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Èèyàn á máa rí i pé èjìká ń rì lọ sílẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú Console.

Ọgbọ́n tí mo lò láti tọ́jú ànímẹ́ṣọ̀n kì í ṣe tuntun, Bryan Dudash ti NVIDIA ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 2007. Mo mú ìṣe mẹ́rin: rírìn, jíjó, pípàtẹ́wọ́ àti ìdúró. Ìkọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá méjì ní férémù 30, àpapọ̀ wọn jẹ́ férémù 240. Ní férémù kọ̀ọ̀kan, mo gba mátíríìsì egungun kọ̀ọ̀kan, mo sọ ọ́ di èyí tí a wọ̀n láti ibi ìpìlẹ̀ ènìyàn náà, mo fi bindpose rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì kọ ọ́ sínú tẹ́ṣọ̀, ìyẹn àwòrán tí ṣédà lè kà. Ìlà kẹrin mátíríìsì bẹ́ẹ̀ kì í yí padà láéláé, nítorí náà ìlà mẹ́ta tó kù ni mo kọ, ìlà kan sí píkísẹ́lì kan. Egungun 30 wá di píkísẹ́lì 90 ní fífẹ̀, férémù 240 sì di gíga rẹ̀. Píkísẹ́lì kan nínú RGBAHalf gba báìtì 8, nítorí náà gbogbo ijó àti ìrìn èrò yẹn kò ju báìtì 172,800 lọ, bíi kílóbáìtì 169.

Àwọn kan máa ń kọ ipò igun kọ̀ọ̀kan dípò ti egungun. Àwọ̀n tiwa ní igun 2,000; bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ipò nìkan ì bá ti tó mẹ́gábáìtì 3.8, kí a tó fi ìdojúkọ igun kún un. Fún àwọ̀n tí igun rẹ̀ kéré gan-an, ọ̀nà yẹn dára, torí kíkà ẹ̀ẹ̀kan ni ó gbà. Fún tiwa, ti egungun ló bọ́gbọ́n mu.

Bí ṣédà ṣe ń ka egungun kan nìyí:

```hlsl
float3x4 Egungun(int b, int ila)
{
    float4 p = _AnimTex.Load(int3(b*3,     ila, 0));
    float4 q = _AnimTex.Load(int3(b*3 + 1, ila, 0));
    float4 r = _AnimTex.Load(int3(b*3 + 2, ila, 0));
    return float3x4(p, q, r);
}
```

`Load` ni mo lò kí GPU má baà po píkísẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀. Bí wọ́n bá pò, egungun itan á dà mọ́ ti orúnkún, ẹsẹ̀ á sì fà jáde lára. Ẹ má fi PNG tọ́jú tẹ́ṣọ̀ yìí o. PNG kò gba nọ́ńbà òdì, èèyàn yín á sì ká jọ sójú kan. Mo fi `AssetDatabase.CreateAsset` tọ́jú tèmi. Egungun kan gba kíkà mẹ́ta, nítorí náà igun tí egungun mẹ́rin ń fà gba 12, èyí tí méjì ń fà gba 6. Bí mo bá tún ní kí ṣédà wo férémù méjì kí ìṣípòpadà lè máa ṣàn, iye yẹn á di ìlọ́po méjì. Àwọn tó wà láàárín nìkan ni mo ṣe ìyẹn fún.

Ìpín wọn jẹ́ báyìí: 40 tó sún mọ́ kámẹ́rà ní egungun gidi àti Animator, 260 tó tẹ̀ lé wọn ń ka tẹ́ṣọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n oníigun 2,000, 1,700 yòókù lo àwọ̀n kékeré tó ní igun 300. `Graphics.DrawMeshInstanced` ni mo fi yà wọ́n. Kò gba ju 1,023 lọ nínú ìpè kan, nítorí náà ìpè méjì ló kárí àwọn tó jìnnà. Ibí yìí ni Ojúde Ọba ti gbè mí: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, aṣọ kan. Àwọ̀n kan náà àti mátíríà kan náà ni gbogbo wọn ń lò, àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́ nínú MaterialPropertyBlock. Iye tí ẹ bá kọ́kọ́ fún àkójọ inú rẹ̀ ni yóò máa gbà títí, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fún un ní 1,023.

Ìpè yìí kì í yọ ẹni tí kò sí lójú kámẹ́rà kúrò. Èmi ni mo ń yọ wọ́n, kì í sì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ́ ń tò papọ̀, nítorí náà mo ń yẹ̀ wọ́n wò ní àádọ́ta àádọ́ta. Mo tún pa òjìji àwọn tó jìnnà, torí òjìji máa ń jẹ́ kí GPU ṣe iṣẹ́ igun gbogbo lẹ́ẹ̀kejì; àmì dúdú róbótó kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ìṣe náà gba ìrònú. Àwọn òǹwòran, mo fún olúkúlùkù ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ níbikíbi nínú ìṣe náà. Àwọn tó ń jó pẹ̀lú ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìlù kan náà ni wọ́n ń jó sí. Ìyàtọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.15 lọ ni mo fi sáàárín wọn. Láìsí i, gbogbo ẹsẹ̀ á gbéra lójú ẹsẹ̀ kan náà. Bó bá sì pọ̀ jù, ó dà bíi pé wọn ò gbọ́ ìlù.

Àwọn 40 tó wà nítòsí ni mo wá dín iye ìgbà ìmúdójú-ìwọ̀n wọn kù. Mo pa Animator wọn, mo sì ń pè é fúnra mi:

```csharp
void Update()
{
    akoko += Time.deltaTime;
    if ((Time.frameCount + id) % igba != 0) return;
    anim.Update(akoko);
    akoko = 0f;
}
```

`akoko` gbọ́dọ̀ máa kó jọ. Bí ẹ bá fi `Time.deltaTime` nìkan ránṣẹ́, ìṣípòpadà á falẹ̀ bí `igba` bá ṣe tó. `id` ló ń pín iṣẹ́ náà ká; láìsí i, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ ní férémù kan náà, àwòrán Profiler á sì yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín òòyà.

Jíjìnnà nìkan kọ́ ni mo fi yan `igba`. Ẹni tó dúró ń wòran lè gba 3, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń jó á máa ta kìjí ní 3, nítorí náà 1 ni mo fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń rìn kò gbọ́dọ̀ kọjá 2: mo ti yọ Apply Root Motion kí ara rẹ̀ má baà máa fò, àmọ́ ara rẹ̀ ń lọ ní gbogbo férémù nígbà tí ẹsẹ̀ ń dúró de ìgbà tirẹ̀, ó wá ń yọ̀ lórí ilẹ̀.

Ìkóríta ló kù, níbi tí ẹni inú tẹ́ṣọ̀ ti ń di ẹni tó ní egungun gidi. `anim.Play` ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí tẹ́ṣọ̀ bá ìṣe náà dé. Ààlà wíwọlé jẹ́ mítà 12, ti jíjáde jẹ́ 14, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ààlà má baà máa yí padà lemọ́lemọ́. Ẹni inú tẹ́ṣọ̀ kò lè yí orí wo kámẹ́rà, kò sì lè di ohunkóhun mú tó ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mi ò ṣe fi àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun sínú rẹ̀ rárá. Ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà lára ìjánu nígbàkúgbà tí ẹṣin bá jù orí, nítorí náà ẹṣin 12 àti àwọn tó gùn wọ́n wà lórí Animator, pẹ̀lú Cull Completely fún ìgbà tí wọn ò bá sí lójú kámẹ́rà.