Ìgbátí tó ń pòórá: bí a ṣe ń rí rọpárọsẹ̀ nínú síkáànù orí ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Tàkíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń wọn ọjà fún oníbàárà ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ nígbà tí igbá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rò pé ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lásán ni. Nígbà tí ẹnu ìyá wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò sì jáde mọ́, ni wọ́n tó pariwo ọlọ́kadà. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni a tẹ́ ìyá sórí ẹ̀rọ síkáànù. Àwòrán rẹ̀ ni mo máa fi ṣàlàyé bí a ṣe ń wo síkáànù orí lásán, èyí tí a kò gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kọ́ńtíráàsì kí a tó yà á. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn náà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìyá mọ̀.

Béèrè aago kí o tó wo àwòrán

Mo bi ọmọ náà pé, “Ìgbà wo lẹ rí màámi gbẹ̀yìn tí ara wọn ṣì dá?” Ó ní, “Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni, dókítà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka owó oníbàárà tó lọ tán ni.” Ìdáhùn tó dára nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì jí pẹ̀lú apá tó kú ní aago mẹ́fà, aago mẹ́wàá alẹ́ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí rẹ̀, a kì í ka ti aago mẹ́fà.

Aago yìí ló máa sọ ohun tó yẹ kí o retí. Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí, oúnjẹ á tán nínú ọpọlọ níbẹ̀, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráyè wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ ṣú nínú síkáànù. Ní wákàtí kìíní, omi náà lè kéré débi pé àwòrán á mọ́ pátápátá. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé wákàtí kan péré ló ti ṣẹlẹ̀, tí o sì rí ibi tó dúdú kedere, ó ṣeé ṣe kí ìtàn náà má tọ̀nà. Padà lọ béèrè.

Wá ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́

Rọpárọsẹ̀ méjì ló wà: èyí tí iṣan dí, àti èyí tí iṣan bẹ́. Oògùn tó ń yọ́ ìdì ẹ̀jẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ lè pa ẹni tó ní ìkejì. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú orí yìí. Ẹ̀jẹ̀ tuntun funfun, kò sì ṣòro láti rí.

Ẹ̀rọ náà ń fi nọ́ńbà díwọ̀n gbogbo ohun tó bá rí. HU ni wọ́n ń kọ sójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ Godfrey Hounsfield ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ ya orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971. Omi jẹ́ 0. Èèpo ọpọlọ, ìyẹn apá aláwọ̀ eérú, wà ní nǹkan bí 35 sí 40. Apá funfun tó wà nínú wà ní nǹkan bí 25 sí 30. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì máa ń wà láàárín 50 sí 80. Má jẹ́ kí orúkọ rú ọ lójú o: nínú síkáànù, apá eérú ló mọ́lẹ̀ jù, apá tí à ń pè ní funfun ló ṣókùnkùn díẹ̀. Ó rú èmi náà lójú fún oṣù mélòó kan nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú orí ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọ “kò sí nǹkan kan” tí wọ́n á sì dìde. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Yí wíńdò

Bí àwòrán ọpọlọ ṣe máa ń ṣí ni W 80 L 40. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ pín 80 nọ́ńbà, tí 40 wà láàárín wọn, sí àwọ̀ láti dúdú dé funfun. Ìyàtọ̀ tí à ń wá lè má ju nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ojú kò sì ní rí i nínú 80. Yí i sí W 40 L 40. Ìyàtọ̀ kan náà á wá hàn ní ìlọ́po méjì. Àwòrán á rí ṣákaṣàka bíi gàrí, má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Pa iná yàrá náà pẹ̀lú. Mo ti rí ẹni tó ń wo síkáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé, tó sì ń bínú pé òun kò rí nǹkan kan.

Rántí pé bí ẹni tó dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn la ṣe ń wò ó. Apá òsì ìyá wà lápá ọ̀tún kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ọ̀tún tó rọ àti ọ̀rọ̀ tí kò jáde mọ́ ti sọ fún wa pé ọpọlọ apá òsì ni ká lọ yẹ̀ wò, nítorí òun ló ń darí apá ọ̀tún ara.

Wo ohun tó pòórá

Ẹni tó bá ń retí kí ohun dúdú ńlá kan yọ síta kò ní rí nǹkan kan ní wákàtí kẹta. Ààlà tó yẹ kó wà tí kò sí mọ́ ni kí o wá.

Bẹ̀rẹ̀ láti ínsúlà, apá kan lára èèpo ọpọlọ. Ó fara pamọ́ sínú àlàfo ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Nínú orí tó dá, ó máa ń hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, bí ìgbátí tí wọ́n rán sétí dàńṣíkí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín ọpọlọ nìkan ló ń bọ́ ọ, ó sì jìnnà sí ibi tí iṣan iwájú àti ti ẹ̀yìn ti lè ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè jìyà. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìgbátí á dàpọ̀ mọ́ aṣọ, o kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo wo ti ọ̀tún ìyá: ìgbátí rẹ̀ wà. Mo wo ti òsì: ó ti parẹ́.

Súnmọ́ àárín díẹ̀ sí i, wàá rí lẹ́ńtífọ́ọ̀mù, ìṣù apá eérú kan tó wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Awẹ́ obì ló jọ lójú mi, ó yọ gbùngbùn síta, ó sì ṣe ṣóńṣó sínú. Òun náà yẹ kó mọ́lẹ̀ ju ohun tó yí i ká lọ. Àwọn iṣan kéékèèké tó ń bọ́ ọ kò ní aládùúgbò tó lè bá wọn gbé omi wá bí ọ̀nà bá dí. Ti òsì ìyá kò parẹ́ tán. Etí rẹ̀ òde ti rú, ti inú ṣì dúró. Mo gbé ìdíwọ̀n lé e: ọ̀tún 37, òsì 33. Mẹ́rin péré.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá iṣan fúnra rẹ̀. Ìdì ẹ̀jẹ̀ funfun ju ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ, nítorí pé ó ti fún omi ara rẹ̀ jáde, ó sì ti ṣù. Ègé àwòrán tó nípọn tó mílímítà 5 lè bo iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ègé mílímítà 1 ni mo ṣí. Ìlà funfun kan nà sílẹ̀ lápá òsì: 52. Ti ọ̀tún: 38. Ìfiwéra yìí ló ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki máa ń ní iṣan tó funfun lápá méjèèjì, ara iṣan àgbàlagbà náà sì lè ti gan bí òkúta. Tí iṣan kò bá sì funfun, ìyẹn kò ní kí o sọ pé kò dí.

Ohun tó tàn mí jẹ nígbà kan

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo fi ìgboyà sọ pé ínsúlà ọ̀tún bàbá kan ti lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa wò ó, ó ní, “Wo etí bàbá yìí ná.” Ihò etí òsì hàn nínú ègé náà, ti ọ̀tún kò sí. Bàbá gbé orí wọ́ ni. Ohun tí mo ń fi wé ara wọn kò sí ní ìpele kan náà rárá. Láti ọjọ́ náà, etí àti ẹyinjú ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí wọn kò bá dọ́gba, mo máa ń ní kí kọ̀ǹpútà tún àwòrán gé kí ó tọ́ ná.

Àpá àtijọ́ náà ń tan èèyàn jẹ. Ó máa ń dúdú bí omi gan-an, ọpọlọ tó wà níbẹ̀ á ti sún kì, àlàfo á sì fẹ̀. Ti tuntun kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń wú, ó sì ń fún àwọn àlàfo pa ni.

Ka máàkì

Ní 2000, àwọn dókítà kan ní Kalgari, ní Kánádà, gbé ìdíwọ̀n máàkì mẹ́wàá jáde. Wọ́n pín ilẹ̀ tí iṣan àárín ń bọ́ sí ibi mẹ́wàá, méje ní ìpele lẹ́ńtífọ́ọ̀mù, mẹ́ta lókè rẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti bàjẹ́, yọ máàkì kan. Ínsúlà ìyá lọ, ó ku mẹ́sàn-án. Lẹ́ńtífọ́ọ̀mù, ó ku mẹ́jọ. Iṣan tó funfun kì í yọ máàkì. Mo yẹ èèpo ọpọlọ tó kù wò ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró ṣinṣin. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà ni kò tíì kú, ó tọ́ kí wọ́n gbìyànjú. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta ni, ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya wọ ọpọlọ tó ti kú á ga gan-an.

Ìdíwọ̀n yìí kò wúlò fún ìpàkọ́ o. Egungun tó yí ìpàkọ́ ká máa ń fa ìlà dúdú àti funfun kọjá lórí àwòrán, rọpárọsẹ̀ sì lè fara pamọ́ sábẹ́ wọn. Aláìsàn tí òòyì ń kọ́, tó ń bì, tí kò lè dúró, tí síkáànù rẹ̀ sì mọ́, ara rẹ̀ ni kí dókítà gbàgbọ́.

Mo pe àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìyá lórí fóònù kí n tó kọ ohunkóhun: “Kò sí ẹ̀jẹ̀. Iṣan àárín òsì dí. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.” Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ 208/112. Wọn kò lè fún un ní oògùn tó ń yọ́ ìdì àfi tó bá wálẹ̀ sí abẹ́ 185/110. Kí wọ́n tó rọ̀ ọ́ wálẹ̀, aago ti di kan àbọ̀, wákàtí mẹ́rin gééré lẹ́yìn tí igbá bọ́. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni òpin.

Ní ọjọ́ kejì a tún un yà. Ìlà funfun ti lọ kúrò nínú iṣan. Ínsúlà òsì àti etí òde awẹ́ obì yẹn ti wá dúdú kedere, débi pé ọmọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn na ìka sí i láti ẹnu ọ̀nà. Èèpo ọpọlọ tó kù kò yí padà.