Bí a ṣe ń dá fọ́tò tó pòórá nínú álíbọ́ọ̀mù ẹbí padà, àti bí a ṣe ń mọ ẹni tí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Tí fọ́tò bá pòórá nínú álíbọ́ọ̀mù tí ẹbí jọ ń lò lórí Google Photos, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fóònù tirẹ̀. Wàhálà lásán ni. Ńṣe ni álíbọ́ọ̀mù dà bíi fèrèsé: inú àkáǹtì ẹni tó gbé fọ́tò síbẹ̀ ni fọ́tò náà wà gan-an, ibẹ̀ náà la ti ń dá a padà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni yẹn. Ẹ ṣí fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi ìka fà á sókè, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹni tó gbé àwọn yòókù wá ló sábà máa ń gbé èyí tó sọnù náà wá. Kí ẹ tó pè é, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé bóyá ẹnikẹ́ni ti tẹ “Save” lórí fọ́tò náà rí. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú àkáǹtì tirẹ̀, iṣẹ́ lè parí síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí. Ẹ bi ẹni náà léèrè ohun tó tẹ̀. Tó bá jẹ́ “Remove from album” ni, kò sí ohun tó sọnù: fọ́tò ṣì wà láàárín àwọn fọ́tò rẹ̀, kó wá a ní ọjọ́ tí wọ́n yà á, kó sì tún gbé e sí álíbọ́ọ̀mù. Tó bá lọ wò nínú “Trash”, kò ní rí i, á sì rò pé ó ti run. Ohun kan náà ni tó bá jẹ́ ẹni tó ni álíbọ́ọ̀mù ló yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ó pa á rẹ́ nínú àkáǹtì tirẹ̀ ni, kó lọ sí “Collections”, kó tẹ “Trash” (orí fóònù mìíràn, “Bin” ni wọ́n kọ), kó tẹ fọ́tò náà mọ́lẹ̀, kó sì tẹ “Restore”. Yóò padà sínú gbogbo álíbọ́ọ̀mù tó wà tẹ́lẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni fọ́tò tó ti gòkè sórí Google Photos ń lò níbẹ̀. Èyí tí kò tíì gòkè, tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló wà, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni. Ọjọ́ tí wọ́n pa á rẹ́ la ti ń kà á. Èyí tí wọ́n pa rẹ́ ní 20 May 2025, 19 July ló pé ọgọ́ta ọjọ́.

Tí “Trash” bá ṣófo, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ jẹ́ kó tẹ àwòrán ojú rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, kó wò ó bóyá àkáǹtì mìíràn wà lórí fóònù náà. “Trash” àkáǹtì kan kì í fi ti èkejì hàn. Títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan “Empty trash”, ì báà jẹ́ pé àyè ti tán lórí fóònù. Ohun tí ìyẹn bá gbé lọ kì í padà.

Ẹni tó gbé fọ́tò wá lè má jẹ́ ẹni tí ojúlówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ká ní Àbúrò ló ya Màmá Àgbà, tó fi í ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí WhatsApp, tí Àǹtí wá gbé e sínú álíbọ́ọ̀mù. Àǹtí lè dá tirẹ̀ padà, àmọ́ ẹ̀dà tí WhatsApp ti fún pọ̀ ni. Ẹ fà á sókè, kí ẹ ka orúkọ fáìlì rẹ̀: bó bá rí báyìí,

```
IMG-20250314-WA0007.jpg
```

“WA” yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹ tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Tí ti Àǹtí bá jẹ́ 1600 × 1200, tí ti Àbúrò sì jẹ́ 4000 × 3000, ọ̀dọ̀ Àbúrò ni ojúlówó wà. Lórí fóònù, méjèèjì lè jọra; ẹ tẹ̀ wọ́n sórí pépà ńlá, ojú Màmá á ṣú lórí ti Àǹtí.

Kí Àbúrò fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ sí álíbọ́ọ̀mù, kí Àǹtí yọ ti tirẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ WhatsApp nìkan ni wọ́n ní, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi “Document”, kò ní fún un pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tó yàtọ̀ sí Àbúrò tẹ “Save” lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.