Iye ilé tí owó oṣù yín lè gbé ní Tẹ́sáàsì, àti owó orí ilé tuntun tó ń já àwọn èèyàn wa kulẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wá ilé rà ní Hiúsítìn àti àwọn ìlú tó yí i ká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Àwọn ohun àkọ́kọ́ ti yé yín: ẹ jẹ́ kí kírẹ́díìtì yín dára, ẹ kó ìwé owó oṣù àti ti owó orí ọdún méjì jọ, ẹ tọ́jú owó àsansílẹ̀, ẹ sì béèrè iye èlé lọ́wọ́ báńkì mẹ́ta ó kéré tán. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn wa ń ko wàhálà ni ìṣirò iye ilé tí owó oṣù wọn lè gbé, àti pé kì í ṣe èlé ló máa ń dà wọ́n láàmú, owó orí ilé ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí báńkì ṣe ń ṣírò tiwọn. Wọn kì í wo owó tó wọ àkáǹtì yín. Iye tó wà lórí ìwé owó oṣù kí ìjọba tó yọ owó orí, kí wọ́n tó yọ owó ìlera, ni wọ́n máa ń mú. Wọn á ka iye tí ẹ ń san lóṣù lórí gbogbo gbèsè tó hàn lórí kírẹ́díìtì yín, wọn á fi owó oṣù ilé tuntun kún un, wọn á sì wò ó bóyá àpapọ̀ rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yẹn. Àwọn báńkì míì máa ń gbà á títí dé 50. Tọkọtaya kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, ìyàwó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Àwọn méjèèjì jọ ń gba dọ́là 7,500 lóṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Báńkì tí wọ́n lọ ń gbà á dé 50, ìyẹn 3,750. Owó ọkọ̀ wọn jẹ́ 550, ó ku 3,200. Báńkì wá fún wọn ní ìwé pé wọ́n lè san tó 3,200 lóṣù lórí ilé, inú wọn sì dùn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló sọ fún báńkì pé ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé? Owó oògùn ìyá yín ní Ìbàdàn, owó ilé-ìwé àbúrò yín, àjọ tí ẹ ń dá, owó ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ, kò sí ọ̀kankan nínú wọn lórí kírẹ́díìtì. Báńkì kò rí wọn, kò sì kà wọ́n. Nítorí náà, ìwé yẹn kò sọ iye tí agbára yín ká rárá. Iye tí báńkì lè yá yín láìbẹ̀rù ló sọ, ilé yín ló sì ń fi ṣe ìdúró. Tí ẹ kò bá lè san án mọ́, wọ́n á gba ilé.

Owó tó wọ àkáǹtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ti tọkọtaya yìí jẹ́ nǹkan bí 5,900 lóṣù. Ẹ má ka ọ́fátáìmù mọ́ ọn o. Iṣẹ́ àfikún tó wà lónìí lè má sí lọ́la, báńkì fúnra wọn kì í sábà kà á àfi tí ẹ bá ti ń gbà á fún ọdún méjì. A jókòó, a kọ ọ́ sílẹ̀: owó ọkọ̀ 550, epo àti inṣọ́ránsì ọkọ̀ 500, oúnjẹ 900, ìtọ́jú ọmọ 600, iná, omi àti fóònù 400, owó tó ń lọ sílé 350, àjọ àti ìpamọ́ 400, aṣọ, oògùn àti àwọn nǹkan kéékèèké 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,900. Ó ku 2,000. Òun nìkan ni ilé lè jẹ, kì í ṣe 3,200.

Wọ́n ti ra ilé kí wọ́n tó wá bá mi ṣe ìṣirò yẹn. Ilé tuntun ni, ẹ́sítéètì tuntun ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, dọ́là 300,000. Wọ́n san àsansílẹ̀ 15,000, wọ́n yá 285,000 fún ọgbọ̀n ọdún, èlé rẹ̀ jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó yíyá àti èlé rẹ̀ jẹ́ 1,801 lóṣù. Inṣọ́ránsì ilé jẹ́ 250, inṣọ́ránsì tó ń dáàbò bo báńkì nítorí pé àsansílẹ̀ wọn kéré jẹ́ 120. Owó orí ilé jẹ́ 121. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,292. Wọ́n ní àwọn á dín owó oúnjẹ kù díẹ̀, àwọn á sì fara dà á.

Ẹ wo 121 yẹn dáadáa, torí òun ni ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

Ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Orí ilé àti ilẹ̀ ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-ìwé ti ń rí owó wọn, ìdí nìyẹn tí owó orí ilé fi ga níbí. Ní àwọn ẹ́sítéètì tuntun, wọ́n tún máa ń fi owó àjọ omi kún un. MUD ni ẹ máa rí lórí ìwé. Àjọ náà ló yá owó tí wọ́n fi ṣe ojú omi àti ojú àgbàrá ẹ́sítéètì, ẹ̀yin onílé lẹ sì ń san án padà. Ní ẹ́sítéètì tiwọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ́dọọdún.

Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń wo ohun tó wà lórí ilẹ̀, òun ni wọ́n á sì fi ka owó orí ọdún náà. Oṣù Kẹfà ni tọkọtaya yìí ra ilé wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún yẹn, kò tíì sí ilé níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ni, iye ilẹ̀ náà sì jẹ́ 50,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 1,450 lọ́dún, ìyẹn 121 lóṣù. Báńkì ń gba 121 yẹn sínú àpò tí wọ́n ń pè ní ẹ́síkírò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá yín san owó orí àti inṣọ́ránsì. Nígbà tí oṣù Kìíní tún dé, ilé ti dúró. Owó orí rẹ̀ wá di 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún 300,000, ìyẹn 8,700. Bílì náà kò tètè dé. Nǹkan bí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ di sísan kí oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e tó parí. Ní gbogbo oṣù yẹn, 121 ni wọ́n ń san, ọkàn wọn balẹ̀.

Báńkì san 8,700, ó wo àpò ẹ́síkírò, 1,450 péré ló wà níbẹ̀ fún owó orí. Gbèsè 7,250. Lẹ́tà dé. Báńkì pín gbèsè náà sí oṣù 12, 604 lóṣù. Ṣùgbọ́n owó orí ọdún tuntun náà ti di 725 lóṣù dípò 121, ìyẹn 604 míì. Owó ilé tó jẹ́ 2,292 di 3,500 lójijì. Ẹ rántí pé 2,000 ni agbára wọn ká! Lẹ́yìn ọdún kan, gbèsè àtẹ̀yìnwá á tán, owó á wálẹ̀ sí 2,896, kò sì ní padà sí 2,292 mọ́ láé. Wọ́n fi owó tó ń lọ sílé dúró. Wọ́n jáwọ́ nínú àjọ láàárín ọ̀nà, ìyẹn sì bà wọ́n lórúkọ jẹ́ láàárín àwọn èèyàn wa. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru kún ti ọ̀sán.

Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbàtà máa ń sọ pé èlé yín kò ní yí padà fún ọgbọ̀n ọdún. Òótọ́ ni. 1,801 yẹn kò ní yí padà. Owó orí àti inṣọ́ránsì ńkọ́? Ọdọọdún ni wọ́n lè gòkè, ààbò kankan kò sì sí fún wọn nínú ìwé ẹ̀yáwó yín. Ẹ má sì rò pé báńkì á kìlọ̀ fún yín. Báńkì lè ti fi owó orí kíkún dán agbára yín wò nínú ìwé tiwọn, kí iye tí wọ́n ń gbà lóṣù ṣì jẹ́ ti ilẹ̀ lásán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí ẹ tó kó wọ̀ ọ́? Tí ẹ bá ti béèrè fún ẹ̀yáwó, báńkì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ojú-ewé mẹ́ta tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Loan Estimate láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ wo iye owó orí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ti ọdún kan, ẹ fi wé iye ilé. Tí ó bá kéré sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ́sítéètì tuntun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ni wọ́n kà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí hcad.org tí ilé bá wà ní Hárísì, tàbí fbcad.org tí ó bá wà ní Fọ́ọ̀tì Bẹ́ǹdì, kí ẹ wá ilé kan ní òpópónà kan náà tí wọ́n ti parí ní ọdún tó kọjá. Iye tí wọ́n kà fún ilé yẹn ló sún mọ́ èyí tó ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ ní kí báńkì fi iye kíkún gba owó ẹ́síkírò láti oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa fi ìyàtọ̀ náà pamọ́ lóṣooṣù sínú àkáǹtì tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn.

Ẹ wá ṣírò iye ilé láti ẹ̀yìn wá. Ẹ mú 2,000, ẹ yọ 250 fún inṣọ́ránsì ilé àti nǹkan bí 100 fún inṣọ́ránsì ti báńkì. Ó ku 1,650. Ní èlé 6.5, ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yá fún ọgbọ̀n ọdún á gba 6.32 lóṣù. Tí ẹ bá san 5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 6.00 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan iye ilé. Owó orí 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 2.42 lórí ẹgbẹ̀rún kan náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.42. Tí ẹ bá fi 8.42 pín 1,650, á fún yín ní ilé nǹkan bí 196,000. Ní àdúgbò àtijọ́ tí kò sí MUD, tí owó orí jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún, owó kan náà á ra ilé nǹkan bí 215,000. Ilé àtijọ́ ni mo máa bá yín wá, mi ò tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Owó ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì kì í sí nínú owó oṣù tí báńkì ń gbà, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ nínú 2,000 yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

Tí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ tètè kọ̀wé fún ẹ̀dínwó owó orí tí wọ́n ń fún onílé tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀. Àdírẹ́sì tó wà lórí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu, nítorí náà láísẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń díye lé ilé ní kántì yín lẹ ti máa rí i. Láàárín oṣù díẹ̀, lẹ́tà tó jọ ti ìjọba lè dé pé kí ẹ san owó kí wọ́n bá yín kọ ọ́. Ẹ fà á ya.