Ẹni tó ń pe gbogbo ayé ní "ọkọ mi"

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbà pé ọmọ Ìlọrin kan ní ọ́fíìsì wa ní Gáríkì, nílùú Àbújá, ti ń yọ́nú sí mi. Bó bá rí mi láàárọ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bó bá ra máásà lọ́nà, tèmi á wà níbẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀fẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí á fi gbá mi léjìká. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi.

Mẹ́gáàdì ló là mí lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo gbọ́ tó ń kí bàbá náà pé, "Ina kwana, mijina!" Mijina ni "ọkọ mi" lédè Haúsá. Bàbá yẹn ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ ọ̀gá wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, náà di ọkọ rẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá mọ́ni, ẹ̀rín rẹ̀ lásán kò sọ nǹkan kan. Ohun tó bá ń ṣe fún ọ tí kì í ṣe fún ẹlòmíì ló yẹ ní wíwò. Mo wá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ọ. Àwa márùn-ún ló ń ra máásà fún. Akáńtáńtì náà ń jẹ gbígbá léjìká tirẹ̀. Ó béèrè orúnkún ìyá mi, ọkàn mi fò sókè; kò pẹ́ ló béèrè ibà ọmọ dírẹ́bà.

Mo yí Wasáàpù wa sókè, mo ka ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ìgbà 23 lóṣù kan, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ 20. Méjì nínú mẹ́ta tó kù, fáìlì ló ń béèrè. Ẹ̀kẹta, ìkíni Jímọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ni. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ 10 lórí fóònù, àmọ́ mò ń kí i dáadáa lọ́fíìsì. Kò kọ nǹkan kan. (Lọ́dún 1982, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Antonia Abbey, tẹ ìwádìí kan jáde: ọkùnrin tó bá rí obìnrin tó ń ṣe ọ̀yàyà máa ń ka ìfẹ́ sí i ju bí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa kà á lọ. Èmi gan-an nìyẹn.)

Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan wà tí ilé kọ́ pé kí wọ́n má kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọkùnrin. Torí náà mo pè é jáde, mo sì fara balẹ̀ yan ibi tí mo ti sọ ọ́. Kì í ṣe nídìí tábìlì rẹ̀, tó bá kọ̀, a ó máa wojú ara wa títí di aago mẹ́rin. A ti parí iṣẹ́, a ń rìn lọ wọ mọ́tò Bẹ́gà. Mo ní, "Sátidé, bí mo bá kúrò lọ́jà Wúsè, mo fẹ́ lọ jẹ kílíṣí létí omi Jábì. Bí o bá ráyè, wá; bí o ò ráyè, èmi ṣì ń lọ." Ọ̀sán gangan ni, nǹkan tí mo máa ṣe tẹ́lẹ̀ sì ni, kò sóhun tó máa fi tì í lójú láti sọ pé rárá.

Ká ní ó sọ pé, "Sátidé ò ní ṣeé ṣe, Sọ́ńdè ńkọ́?" mi ò bá ti máa jó. Ohun tó sọ ni, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi! Ẹ jẹ́ kí n sọ fáwọn yòókù, ká jọ lọ."

Mi ò tíì fi ìyẹn ṣe ìdájọ́. Níhìn-ín, obìnrin lè mú ẹgbẹ́ dání torí ẹnu ayé, kó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó pè é. Àwa mẹ́fà la lọ. Mò ń wò bóyá á jókòó tì mí, tàbí á fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí. Bí ìyẹn ṣe ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun náà dìde. Mo ní kí n sìn wọ́n dé ibi mọ́tò, ó ní kí n má ṣe ìyọnu.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún sọ̀rọ̀: "Ọjọ́ tó bá wù ẹ́ ká lọ, àwa méjì, sọ fún mi. Kílíṣí wà lọ́rùn mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò dárúkọ ọjọ́ kankan. Mi ò béèrè mọ́. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá máásà mi lórí tábìlì, ó ṣì ń gbóná. Mo jẹ ẹ́.