Bí mo ṣe mú kí ìránnilétí mi máa tẹ̀lé ṣíìfù dípò aago

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé kan tí mo wà nínú ìsinmi. Aago 4:30 ìdájí, àlámù fóònù mi pariwo gèè. Ọmọ jí, ó figbe ta. Ìyàwó mi ò tilẹ̀ la ojú, ó kàn ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ ò níṣẹ́ lónìí kẹ̀, kí ni nǹkan yìí ń pè yín fún?" Mo pa á. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà tó yẹ kó pè mí, kò dún rárá.

Ẹ̀bi àlámù kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, Òkè-Bàálẹ̀ ni mo sì ń gbé níbí ní Òṣogbo. Ṣíìfù wa yípo báyìí: òwúrọ̀ ọjọ́ méjì, aago 6 sí aago 2, ọ̀sán ọjọ́ méjì, aago 2 sí aago 10, alẹ́ ọjọ́ méjì, aago 10 sí aago 6, lẹ́yìn náà ìsinmi ọjọ́ méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ tí fóònù mọ̀, ọjọ́ méje ni. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìyípo tó tẹ̀lé e á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tó tún tẹ̀lé e lọ́jọ́rú. Àlámù tí mo fi orúkọ ọjọ́ sí kò lè bá a dọ́gba láé, àfi kí n máa jókòó tún un ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àlámù olójọ́ sílẹ̀, mo lọ sí Google Calendar. Kàlẹ́ńdà yẹn máa ń jẹ́ kí ènìyàn sọ iye ọjọ́ tí nǹkan á fi máa padà wá. Tí ẹ bá kọ nǹkan kan sí i, ẹ tẹ ibi tó kọ "Does not repeat", ẹ yan "Custom", ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye ọjọ́. Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, ni ìyípo mi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo kọ "Òwúrọ̀ 1" sí ọjọ́ yẹn láago 6, "Òwúrọ̀ 2" sí ọjọ́ kejì, títí dé "Alẹ́ 2". Ìlà mẹ́fà péré. N ò kọ ìsinmi.

Ibi iye ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, elùbọ́ ni wọ́n ń tà láti ìgbà ọmọge wọn. Wọ́n rí mi tí mò ń fi ìka ka kàlẹ́ńdà ara ògiri, wọ́n ní kí ni mò ń kà. Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àkànní, ìsán nìyẹn kẹ̀. Bí a ṣe ń ná ọjà ìsán nìyẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án." Èmi náà fi ìka kà á láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ dé òwúrọ̀ tí yóò tún bọ́ sí, ó pé mẹ́sàn-án lóòótọ́. Mo tẹ 9.

Ìyípo àkọ́kọ́ lọ geere, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹsàn-án, ó yẹ kí fóònù rán mi létí pé òwúrọ̀ ló kàn. Kò sọ nǹkan kan. Mo sùn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ìpè àdúrà mọ́ṣáláṣí àdúgbò ló jí mi, ìgbà tí ó sì yẹ kí n ti wà lórí ọ̀kadà nìyẹn. Aago 6:35 ni mo wọlé iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ṣe alẹ́, tí èmi fẹ́ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ti gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà, ojú wọn pọ́n bí epo. Wọ́n kàn wo aago, wọ́n wò mí, wọ́n kọjá lọ. Kí wọ́n ti bú mi ì bá sàn.

Ìyá mi ò parọ́ o. Bí a ṣe ń ka ọjà ni pé a ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọjọ́ tí a tún fẹ́ ná an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọjà tó ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ní ọjà ọrún, tí ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Fóònù kì í ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, àlàfo nìkan ló ń kà. Ìsán ti ìyá mi, 8 ni lójú fóònù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ìyípo àkọ́kọ́ kò ní fi hàn yín. Ẹ sún kàlẹ́ńdà síwájú dé oṣù tó ń bọ̀ kí ẹ fi í wé rósítà. Mo pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́, mo tún wọn kọ pẹ̀lú 8. Òwúrọ̀ 1 bọ́ sí ọjọ́ 9, ọjọ́ 17, ọjọ́ 25. Wọ́n bá rósítà mu.

Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbà kí ẹ fi ìránnilétí tó márùn-ún, ẹ ò sì ní sọ pé aago báyìí. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé ó ku wákàtí mélòó kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyí. Gbogbo ṣíìfù ni mo máa ń fi ilé sílẹ̀ nígbà tó bá ku wákàtí kan, nítorí náà wákàtí kan ni mo fi sí gbogbo ìlà. Lórí òwúrọ̀ méjèèjì, mo fi wákàtí mẹ́sàn-án kún un: á dún láago 9 alẹ́ àná, èmi yóò fi ọwọ́ ara mi ṣí àlámù 4:30. Kí ló dé tí n ò jẹ́ kí kàlẹ́ńdà jí mi? Nítorí "tíń" kan ṣoṣo ni í ṣe, ó dákẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ò lè jí ẹni tó ti ibi ẹ̀rọ bọ̀. Àìdára rẹ̀ mìíràn ni pé orúkọ kan náà ló ń gbé jáde, "Òwúrọ̀ 1", ì báà jẹ́ ti àlámù tàbí ti ìjáde. Ẹnìkan lè dàrú. Èmi ń fi ìgbà tó dún mọ̀ ọ́n.

Oorun ọ̀sán ló gba ìrònú jù. Tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, mo máa ń sùn láago 8 òwúrọ̀ dé bí aago 3. Mo dá ìlà tirẹ̀ kọ, mo pè é ní "Oorun", aago 8, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, fún òwúrọ̀ tó tẹ̀lé Alẹ́ 1 àti èyí tó tẹ̀lé Alẹ́ 2. Ìránnilétí tí mo so mọ́ ọn ni wákàtí mẹ́fà ṣáájú: aago 2 òru, obì ti tó. Obì ni gbogbo wa ń jẹ lálẹ́ kí ojú má bàa kún, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì wà nínú kọfí. Kì í tètè kúrò lára. Mo máa ń jẹ ẹ́ títí di aago 4 tẹ́lẹ̀, mo wá ń bú ooru àti ariwo ẹ̀rọ ilé kejì pé wọn ò jẹ́ kí n sùn.

Ní ìyípo kejì, nǹkan ẹ̀rín kan ṣẹlẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé kí n gbé sílíńdà gáàsì lọ kún ní òwúrọ̀ ìsinmi àkọ́kọ́, aago 9. Ó dún sí mi létí lẹ́yìn tí mo sùn wákàtí kan. Rósítà pe ọjọ́ yẹn ní ìsinmi, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti iṣẹ́ Alẹ́ 2 dé. Ìsinmi ọjọ́ méjì tí wọ́n ń sọ yẹn, ọjọ́ kan ààbọ̀ ni lójú mi. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ilé, ìsinmi kejì ni mò ń fi sí.

Ẹyọ kan wà tí n ò jẹ́ kó tẹ̀lé ṣíìfù: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, èyí tí mò ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Mo fẹ́ máa lò ó nígbàkúùgbà tí mo bá jí, ni mo bá lọ bi apòògùn tó ń tà á fún mi lágbègbè Ọláìyá. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó máa fò káàkiri, kí n wá wákàtí kan tí ojú mi máa ń là nínú gbogbo ṣíìfù. A jọ kà á: ní ṣíìfù òwúrọ̀, mo wà nílé láti aago 3 dé 9 alẹ́, ní ti ọ̀sán, wọ́n ń jẹ́ ká jẹun láago 6, ní ti alẹ́, mo ti jí láti aago 3. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ló bọ́ sí gbogbo rẹ̀. Àlámù lásán ni mo fi sí i, ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kó má fi tèmi ṣe. Kó lọ bi tiẹ̀.

Tí a bá pààrọ̀ ṣíìfù, mo máa ń gbé ìlà yẹn sí ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ tuntun. Wọ́n á bi mí bóyá ẹyọ kan ni. "This event" ni mo máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "All events" ti yí gbogbo ìyókù ọdún pa dà. Ìránnilétí ìjáde á bá iṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Oorun kò ní bá a lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé ìyẹn.

Fún ọjọ́ tó jìnnà, mo ní ìlà kan nínú Google Sheets. A2 ni mo ń tẹ ọjọ́ náà sí:

```
=MOD(A2-DATE(2025,9,1),8)
```

Ó ń ka iye ọjọ́ láti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ń fi 8 pín in, ó ń fi ohun tó ṣẹ́kù hàn. 0 àti 1 jẹ́ òwúrọ̀, 2 àti 3 ọ̀sán, 4 àti 5 alẹ́, 6 àti 7 ìsinmi. Tí wọ́n bá tún rósítà tò, ọjọ́ inú DATE nìkan ni mo ń yí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, 25 oṣù Kẹwàá, ó fẹ́ kí n wá bá òun dúró láti aago 8 òwúrọ̀. Mo tẹ ọjọ́ náà. Ọjọ́ 54 ni. 8 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 48, ó ku 6. Ó bọ́ sí ìsinmi, ṣùgbọ́n ìsinmi àkọ́kọ́ ni, èyí tí mo máa ti alẹ́ dé. Mo sọ fún un pé ọ̀sán ni kó máa retí mi. Ó ní, "Ṣebí ìsinmi lo wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sùn láago 7:30, mo fi àlámù sí aago 12. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń kó àga, àmàlà sì ku díẹ̀ nínú kúlà.