Wákàtí tó yẹ ká fi gé aṣọ

Léèsì oníbàárà kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Aago 2 ọ̀sán ni mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, mo sì gé apá búbà rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ so ó mọ́ ara búbà ni mo rí i pé apá òsì méjì ni mo gé. Mi ò yí pátánì padà kí n tó gé ìkejì. Kì í ṣe pé mi ò mọṣẹ́. Ojú mi là sílẹ̀ ni, ọkàn mi ti ń tòògbé.

Aago kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń darí ìgbà tí ara ń jí pépé àti ìgbà tó ń rọ. Láàárín aago 1 sí 3 ọ̀sán ni ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rọ, ẹni tí kò tíì jẹun pàápàá máa ń mọ̀ ọ́n lára. Iyán ọ̀sán a máa dá kún un, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń fà á. Bí àkókò yìí ṣe rí lára mi lè má rí bẹ́ẹ̀ lára yín, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti kọ́kọ́ ṣọ́ ara yín.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣe é. Ní aago 8, 10, 12, 2, 4 àti 6, ẹ fún ara yín ní máàkì láti 1 dé 5: 1 ni ẹni tó ń tòògbé, 5 ni ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí, kí ẹ sì fa ìlà kan nígbàkígbà tí ẹ bá ní láti tú ohun tí ẹ ti rán. Ọjọ́ tí ara yín kò yá, ẹ má kà á mọ́ ọn. Tèmi jáde báyìí: 3 ní aago 8, 5 ní aago 10, 4 ní ọ̀sán gangan, 2 ní aago 2, ó sì padà sí 4 nígbà tí ọjọ́ rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà tí mo fà ló wà láàárín aago 1 sí 3.

Ìwé yẹn tú àṣírí mìíràn. Bí iná bá dé ní aago 1 òru, mo máa ń dìde lọ lọ aṣọ. Wákàtí 5 péré ni mo ń sùn, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà nílò 7 ó kéré tán. Ẹni tí kò sùn tó, kò sí ìtò iṣẹ́ tó lè gbà á. Mo ra áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo sì ka wákàtí padà sẹ́yìn: aago 5 àbọ̀ ni mo ń jí, nítorí náà aago 10 alẹ́ ni mo ń sùn. Ọjọ́ Àìkú pàápàá, mi ò jẹ́ kí jíjí mi fi wákàtí kan kọjá ti ojoojúmọ́, torí bí mo bá sùn títí di aago 9, oorun kì í wá lálẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá pín iṣẹ́. Aago 9 àbọ̀ sí 12 wà fún gígé àti fún aṣọ tí kò ní àfidípò. Fóònù á dákẹ́, oníbàárà tó fẹ́ wọ̀n á dé lẹ́yìn aago 12. Ní aago 1 sí 3, bọ́tìnì ni mò ń rán, mò ń ká etí aṣọ, mò ń fi òróró sí maṣíìnì, tàbí kí n rìn lọ ra òwú ní Ọjà Ọba. Maṣíìnì ni mo padà sí ní aago 4.

Bí oorun bá wúwo jù, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 sùn kí aago 3 tó lù, kí aago fóònù jí yín. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó jí bí ẹni tí orí rẹ̀ kún. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹ jí kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí. Obì kò lè rọ́pò oorun yìí: ìdajì èròjà tó ń lé oorun nínú rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, nítorí náà èyí tí ẹ bá jẹ ní aago 4 ni yóò là yín lójú lóru. Kò yẹ ká jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn aago 12.

Ìgbà míì, aṣọ ìgbéyàwó á dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kò sì ní ṣeé fi dúró. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ohun gbogbo, kí ẹlòmíràn wò ó, kí ẹ tó gé. Ẹni tó bá sì ń sùn wákàtí 7 tàbí 8 tó ṣì ń tòògbé lọ́sàn-án, pàápàá bó bá ń han-anrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, kó lọ rí dókítà. Ìwé kọ́ ló máa wo ìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 18, náà kọ ìwé tirẹ̀. Máàkì 2 ló ń gbà láàárọ̀, 5 ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń rí, aago ara wọn máa ń pẹ́ ju tiwa lọ. Mo ti máa ń pè é ní ọ̀lẹ, ó sì dùn mí gan-an nígbà tí mo rí ìwé rẹ̀. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kọ́ ọ ní gígé báyìí.